Ewu àfiwé tàbí ọ́ọ̀dì àfiwé: èwo ni ìwádìí yín lè gbé?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn: ta ló pinnu iye aláìsàn tó wà nínú téébù yín? Bó bá jẹ́ pé àìsàn fúnra rẹ̀ ló mú iye ènìyàn tó mú, tí ẹ̀yin kàn ń kà wọ́n, ẹ lè ṣírò ewu, ẹ sì lè fi ewu ẹgbẹ́ kan wé ti ẹgbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ lọ ṣa aláìsàn 100 jọ, tí ẹ tún wá ẹni 100 tí ara wọn le láti fi wé wọn, kò sí ewu kankan nínú téébù náà tí ẹ lè ṣírò. Ìdajì-ìdajì tí ẹ rí níbẹ̀, ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣe é.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ewu àfiwé, tí kọ̀ǹpútà ń pè ní RR, wà fún ìwádìí kóhọ́ọ̀tì, irú àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn, àti pé ọ́ọ̀dì àfiwé, ìyẹn OR, wà fún ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù, irú kejì tí a ti ṣa aláìsàn jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á fi yege ìdánwò. Òfin náà kò parọ́, àmọ́ kò sọ ìdí. Ẹni tí kò sì mọ ìdí ni yóò rí OR tó jẹ́ 6, tí yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ewu ti di ìlọ́po 6, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po 3 péré ni.

Nígbà tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tí mo fúnra mi to nọ́ńbà rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Igba (200) ènìyàn jọ jẹun níbi ìpàdé kan. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ gbogbo àwọn tó wá wà lórí ìwé, a sì rí gbogbo wọn bi léèrè. A fura sí sàláàdì.

| | Ṣàìsàn | Kò ṣàìsàn | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Jẹ sàláàdì | 72 | 48 | 120 |
| Kò jẹ sàláàdì | 16 | 64 | 80 |

Kóhọ́ọ̀tì ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ìṣẹ̀lẹ̀ la tó débẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di kóhọ́ọ̀tì ni pé a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó jẹun, a pín wọn sí àwọn tó jẹ sàláàdì àtàwọn tí kò jẹ ẹ́, a wá wo àwọn tó ṣàìsàn nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bá àìsàn pinnu iye tó máa mú.

Ewu kì í ṣe nǹkan ìjìnlẹ̀: iye tó ṣàìsàn la ó fi iye gbogbo ẹgbẹ́ náà pín. Láàárín àwọn tó jẹ sàláàdì, 72 nínú 120 ni, ìyẹn 0.60. Láàárín àwọn tí kò jẹ ẹ́, 16 nínú 80 ni, ìyẹn 0.20. Bí a bá fi 0.20 pín 0.60, a ó rí 3. Bí a ṣe máa kà á síta nìyí: ewu pé ẹni tó jẹ sàláàdì máa ṣàìsàn jẹ́ ìlọ́po 3 ewu ẹni tí kò jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn á mọ ohun tó túmọ̀ sí, ì báà jẹ́ alásè tàbí adájọ́.

Ọ́ọ̀dì yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àmọ́ bí a ṣe ń lò ó níbí ni pé a ó fi iye àwọn tí àìsàn *kò* mú pín iye àwọn tó mú, a kò ní fi àpapọ̀ pín in. Fún àwọn tó jẹ sàláàdì, 72 tí a fi 48 pín jẹ́ 1.5. Fún àwọn yòókù, 16 tí a fi 64 pín jẹ́ 0.25. Bí a bá wá fi 0.25 pín 1.5, OR jẹ́ 6.

Oúnjẹ kan náà, àwọn ènìyàn kan náà, òru kan náà: RR ní 3, OR ní 6. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó fà á ni pé ìsàlẹ̀ ọ́ọ̀dì ń dínkù bí àìsàn ṣe ń pọ̀ sí i. Nínú ẹgbẹ́ tó jẹ sàláàdì, ìsàlẹ̀ ti já láti 120 sí 48, ìyẹn ni pé ó ti dín ju ìdajì lọ. Nínú ẹgbẹ́ kejì, láti 80 sí 64 péré ló já. Ẹgbẹ́ tí àìsàn bá jù ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń fọ́ jù, ìyẹn ló sì ń ti OR jìnnà sí 1 ju RR lọ. Bí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n gan-an, tó jẹ́ pé ẹni 3 ló mú nínú 10,000, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín kí a fi 10,000 pín àti kí a fi 9,997 pín. Ìgbà náà ni RR àti OR máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ.

Àǹfààní kan wà lára OR tí ó yẹ kí a sọ. Bí a bá yí ìbéèrè padà, tí a ń bi ẹni tí kò ṣàìsàn dípò ẹni tó ṣàìsàn, OR kàn máa dojú kọdò ni: 6 á di 1/6. RR kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ sàláàdì tí ara wọn le jẹ́ 0.40, àwọn tí kò jẹ ẹ́ tí ara wọn le jẹ́ 0.80, ìfiwéra wọn sì jẹ́ 0.5, kì í ṣe 1/3. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lo RR, ẹ sọ ọ́ gbangba bóyá àìsàn lẹ ń kà tàbí àlàáfíà, nítorí nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò bí.

Nígbà tó jẹ́ aláìsàn la kọ́kọ́ rí

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ń mú ènìyàn mọ́jú bíi ti sàláàdì yẹn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń mú lọ́dún kan. Ẹni tó bá ní òun máa kó ènìyàn jọ kí òun lè dúró wo ẹni tó máa ní in, yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò sì dúró pẹ́. Ìdí nìyẹn tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill fi gba ọ̀nà kejì nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1950. Inú àwọn ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí àwọn tó ti ní jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì wá aláìsàn mìíràn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe é, tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó jẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ tàbí obìnrin bíi tirẹ̀, láti fi wé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn nípa sìgá. Téébù ti àwọn ọkùnrin nìyí:

| | Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró | Àwọn tí a fi wé wọn |
|---|---|---|
| Ti mu sìgá | 647 | 622 |
| Kò mu sìgá rí | 2 | 27 |
| Àpapọ̀ | 649 | 649 |

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi àpapọ̀ sí ìparí ìlà ìdúbúlẹ̀ bí mo ṣe ṣe fún sàláàdì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Bí ẹ bá fi agídí kó ìlà àwọn amusìgá jọ, ẹ ó rí 647 nínú 1,269, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 51 nínú 100. Ṣé ìdajì àwọn tó ń mu sìgá ló ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni? Rárá o. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ fún yín pé aláìsàn kan sí afiwéra kan ni àwọn olùwádìí mú.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àṣìṣe yẹn ṣe ń hùwà, nítorí òun gan-an ló ń fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Bí a bá ṣírò RR láti inú téébù yìí bí ẹni pé kóhọ́ọ̀tì ni, a ó fi 2 nínú 29 pín 647 nínú 1,269, yóò sì jẹ́ 7.4. Ó dáa. Ká wá ní àwọn olùwádìí náà lówó sí i, tí wọ́n wá afiwéra mẹ́wàá fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tí ìwà àwọn afiwéra kò sì yí padà: amusìgá á di 6,220, àwọn tí kò mu á di 270. RR tí a fi agídí ṣe á wá di 12.8. Bí wọ́n bá mú ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á di 13.9. Sìgá kò yí padà, jẹjẹrẹ kò yí padà, owó ìwádìí nìkan ló pọ̀ sí i, síbẹ̀ ewu ń gòkè. Nọ́ńbà tí owó tí a ní lọ́wọ́ lè ti síwá sẹ́yìn kò lè jẹ́ ti àìsàn.

Wàyí o, ẹ ṣírò OR fún ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

```
OR = (647 × 27)   / (622 × 2)    = 14.04
OR = (647 × 270)  / (6220 × 2)   = 14.04
OR = (647 × 2700) / (62200 × 2)  = 14.04
```

Kò mì. Ìsọdipúpọ̀ tí a ṣe fún àwọn afiwéra wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Gbogbo ìdí tí OR fi yẹ ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù nìyẹn: kò bìkítà fún iye àwọn tí ẹ yàn, bí yíyàn náà kò bá ti gbe ẹni tó mu tàbí ẹni tí kò mu.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tí kò dúró sójú kan yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: 7.4, 12.8, 13.9. Ọ̀dọ̀ 14.04 ló ń lọ. Bí a ṣe ń kó àwọn tí kò ní jẹjẹrẹ wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ ni téébù ń jọ ìlú gidi tí àìsàn náà ti ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni RR ń sún mọ́ OR. Ohun tí Jerome Cornfield fi ìṣirò gbé kalẹ̀ ní 1951 nìyẹn: bí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn tí aláìsàn ti wá, a lè ka OR ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù bí RR. Nínú ìlú ni àìsàn ti gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n o, kì í ṣe nínú téébù. Nínú téébù, ìdajì ló ṣàìsàn, kò sì ba nǹkan kan jẹ́.

Kí a tó fi 14 yẹn sílẹ̀, ó yẹ kí a béèrè bó ṣe dúró ṣinṣin tó. Ààlà ìdánilójú rẹ̀ (95%), ìyẹn láti ibi tó kéré jù dé ibi tó ga jù tí OR gidi lè wà, ni a ń rí báyìí, SE sì ni àṣìṣe ìwọ̀n:

```
SE = sqrt(1/647 + 1/2 + 1/622 + 1/27) = 0.735
ln(14.04) = 2.642
2.642 ± 1.96 × 0.735  →  1.20 sí 4.08
exp                   →  3.3 sí 59
```

Láti 3.3 dé 59, ọ̀nà jìn. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú téébù náà lé ní 1,200, ṣùgbọ́n ẹ wo inú gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì yẹn: nínú 0.54 tó wà níbẹ̀, 0.50 wá láti orí ẹni 2 péré, àwọn tó ní jẹjẹrẹ tí wọn ò mu sìgá. Ihò tó kéré jù nínú téébù ló ń pinnu bí ìdáhùn ṣe fẹjú tó. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin 2 yẹn bá parọ́ nípa sìgá, OR á ṣí kúrò ní 14 lọ sí nǹkan bíi 28. Ohun tó dájú nínú téébù yìí ni pé OR ga ju 1 lọ dáadáa. 14 gan-an kò dájú. Ẹ máa wo ihò tó kéré jù kí ẹ tó gba nọ́ńbà gbọ́.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà tí olùkà tó mọ iṣẹ́ á béèrè. Àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi aláìsàn so mọ́ afiwéra, téébù tí mo lò sì ti tú wọn ká. Ìwádìí tí a so ní méjì-méjì yẹ kí a ṣírò ní méjì-méjì: a ó ka àwọn méjì tí aláìsàn mu sìgá tí afiwéra rẹ̀ kò mu, a ó fi iye àwọn méjì tó rí ní òdìkejì pín in. Àwọn méjì tí ìwà wọn bára mu kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún wa. Ìkejì, aláìsàn ilé ìwòsàn ni àwọn afiwéra náà, díẹ̀ nínú ohun tó sì gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn jẹ́ àìsàn tí sìgá ń fà pẹ̀lú. Èyí á jẹ́ kí amusìgá pọ̀ láàárín àwọn afiwéra ju bó ṣe yẹ lọ, á sì fa OR wálẹ̀ sí ọ̀dọ̀ 1. Òtítọ́ lè ju ohun tí téébù sọ lọ.

Ohun tí ìwádìí 1950 kò lè ṣe láéláé ni kó sọ iye amusìgá tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa nínú 1,000 lọ́dún. Ìdí nìyẹn tí Doll àti Hill fi kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951, tí wọ́n wá ń tọpa àwọn ọkùnrin 34,439 nínú wọn. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi tọpa wọn. Inú kóhọ́ọ̀tì yẹn ni nọ́ńbà ikú ti jáde, tí ẹni tó ń mu sìgá lè wò kó mọ ohun tó kan òun. Ẹ óò rí i pé ìbéèrè kan náà gba ìwádìí méjèèjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: èyí tó yára láti mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀, èyí tó pẹ́ láti mọ bó ṣe tóbi tó.

Ọwọ́ ẹni tó yan àwọn afiwéra ni OR wà

Apá tí wọ́n sábà máa ń fò nìyí, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bí OR ṣe máa túmọ̀ kò kan bí àìsàn ṣe ṣọ̀wọ́n tó nìkan. Ó kan ibi tí ẹ ti mú àwọn afiwéra pẹ̀lú.

Ẹ padà sí sàláàdì. Ká ní a kò ráyè bi ẹni 200 léèrè, ni a bá sọ ọ́ di kéèsì-kọ́ńtíróòlù. Àwọn 88 tó ṣàìsàn, 72 jẹ sàláàdì, 16 kò jẹ ẹ́, ọ́ọ̀dì jíjẹ láàárín wọn jẹ́ 4.5. Ibo la ó ti mú afiwéra?

Bí a bá mú wọn láàárín àwọn tí ara wọn le títí dé òpin, àwọn 112 yẹn, 48 jẹ ẹ́, 64 kò jẹ ẹ́. Ọ́ọ̀dì jíjẹ láàárín wọn jẹ́ 0.75. A fi 0.75 pín 4.5, ó jẹ́ 6. OR àtijọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá fa orúkọ yọ láìwojú láti inú ìwé gbogbo àwọn tó wá, láìbìkítà bóyá ẹni tí a fà yọ ṣàìsàn tàbí kò ṣe é, àwọn afiwéra á jọ àwọn 200 náà: 120 jẹ ẹ́, 80 kò jẹ ẹ́, ọ́ọ̀dì jẹ́ 1.5. A fi 1.5 pín 4.5, ó jẹ́ 3. RR nìyẹn, láìfi nǹkan kan kún un, nínú àìsàn tó mú ènìyàn 44 nínú 100! Ọ́ọ̀dì la ṣírò, ewu ló jáde, torí pé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ni àwọn afiwéra dúró fún, kì í ṣe àwọn tó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ kí aláìsàn bọ́ sáàárín afiwéra, wọ́n á yọ ọ́ sọnù bí òkúta inú ìrẹsì. Nínú irú yíyàn yìí, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, 3 yín á máa rìn padà lọ sí 6.

Ọ̀nà kẹta wà láàárín méjèèjì, òun ló sì bá àìsàn tó ń mú ènìyàn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ mu: ọjọ́ tí aláìsàn kan bá yọjú ni a ó yan afiwéra fún un láàárín àwọn tí àìsàn náà kò tíì mú lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí a yàn lónìí lè di aláìsàn lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. OR tó bá jáde níbẹ̀ ń sọ ìfiwéra bí àìsàn ṣe ń yára mú ẹgbẹ́ méjèèjì, a kò sì nílò kí àìsàn ṣọ̀wọ́n kó tó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwádìí kéèsì-kọ́ńtíróòlù, ẹ wá ìpínrọ̀ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n yan àwọn afiwéra àti ibi tí wọ́n ti yàn wọ́n. Òun ló máa sọ bóyá ó yẹ kí ẹ máa da ara yín láàmú nípa ìṣọ̀wọ́n.

Ibi tí OR ti ń ṣi olùkà lọ́nà

Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Dókítà 720 ni wọ́n fi fídíò òṣèré hàn, òṣèré náà ń ṣe bí aláìsàn tí àyà ń dùn, wọ́n sì bi dókítà bóyá ó máa ní kí wọ́n yẹ iṣan ọkàn rẹ̀ wò. Fún àwọn òṣèré aláwọ̀ funfun, 90.6 nínú 100 ni dókítà dámọ̀ràn àyẹ̀wò náà fún. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú, 84.7. OR tí wọ́n kọ jẹ́ 0.6, ìròyìn sì gba gbogbo ayé kan pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní aláwọ̀ dúdú fi dín.

Ẹ ṣírò ó fúnra yín. Ọ́ọ̀dì 84.7 sí 15.3 jẹ́ 5.5, ọ́ọ̀dì 90.6 sí 9.4 jẹ́ 9.6, ìfiwéra wọn jẹ́ 0.57. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 84.7 tí a fi 90.6 pín jẹ́ 0.93. Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní náà fi dín, kì í ṣe 40. Láàárín oṣù mélòó kan, ìwé ìròyìn yẹn kan náà tẹ àríwísí tó tọ́ka sí èyí. Ojúsàájú wà nínú dátà náà, kò sẹ́ni tó sọ pé kò sí. Bó ṣe tóbi tó ni wọ́n sọ di nǹkan mìíràn. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n lo OR níbẹ̀ rárá, nítorí dókítà 720 wà, a mọ ohun tí kálukú wọn sọ, ewu sì ṣeé ṣírò tààrà. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni 90 nínú 100 kò ṣọ̀wọ́n.

Kí ló dé tí irú èyí fi ń ṣẹlẹ̀? Kọ̀ǹpútà ni. Bí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí a sì fẹ́ ṣàtúnṣe fún ọjọ́ orí àti nǹkan mìíràn, ríígírẹ́ṣọ̀n lọ̀jísítíìkì ni ọwọ́ ń yá sí, OR nìkan ló sì ń tú jáde. Olùwádìí tó ní kóhọ́ọ̀tì tó péye lọ́wọ́ á wá gbé OR jáde torí pé òun ni ẹ̀rọ gbé fún un. Ọ̀nà àbáyọ kan ni ríígírẹ́ṣọ̀n Poisson tí a tún àṣìṣe ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, nítorí pé bí a kò bá tún un ṣe, ààlà ìdánilójú á fẹjú ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú R:

```r
m <- glm(aisan ~ jeun + ojo_ori, family = poisson, data = d)
lmtest::coeftest(m, vcov = sandwich::vcovHC(m, type = "HC0"))
exp(coef(m))
```

Ìlà tó kẹ́yìn ló ń fún yín ní RR. `aisan` gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 tàbí 1.

Bó bá jẹ́ ìwádìí ẹlòmíràn lẹ ń kà, tí OR nìkan sì wà níbẹ̀, fọ́múlà kan wà tó ń yí i padà bí ẹ bá mọ ewu ẹgbẹ́ tí kò fara kan nǹkan náà, tí a ó pè ní P0:

```
RR = OR / (1 − P0 + P0 × OR)
   = 6 / (0.80 + 0.20 × 6) = 3
```

Fún sàláàdì, ó ṣe é géérégé. Àmọ́ orí OR tí a kò tíì fi nǹkan mìíràn ṣàtúnṣe ló ti péye. Bí ẹ bá fi OR tí a ti ṣàtúnṣe fún ọjọ́ orí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀, RR tó máa jáde lè yapa, ààlà ìdánilójú tí ẹ bá sì fi í yí padà sábà máa ń há ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lò ó láti mọ bí nǹkan ṣe rí, ẹ má lò ó láti tẹ̀wé. Bó sì jẹ́ kéèsì-kọ́ńtíróòlù ni, P0 kò sí nínú téébù rẹ̀. Ibòmíràn lẹ ti gbọ́dọ̀ wá a.

Yíyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ohun tó wà nílẹ̀ | Ìwádìí | Ohun tí a ó ṣírò |
|---|---|---|
| Orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ewu wà lọ́wọ́, a lè rí wọn | Kóhọ́ọ̀tì | RR, kí a sì kọ ewu ẹgbẹ́ méjèèjì |
| Àìsàn ṣọ̀wọ́n tàbí ó ń pẹ́ kó tó hàn | Kéèsì-kọ́ńtíróòlù | OR, kí a kà á bí RR bí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n |
| Àìsàn wọ́pọ̀, aláìsàn nìkan la rí, a kò ní ìwé orúkọ | Kéèsì-kọ́ńtíróòlù | OR, kí a má pè é ní ewu |
| Àìsàn wọ́pọ̀, ìwé orúkọ wà, owó kò tó láti bi gbogbo wọn | Kéèsì-kọ́ńtíróòlù, afiwéra láti inú gbogbo ìwé orúkọ | OR tó jẹ́ RR |
| Ohun tí a fura sí ló ṣọ̀wọ́n, bíi kẹ́míkà tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan nìkan ń fọwọ́ kàn | Kóhọ́ọ̀tì | RR |

Ìlà kẹta ló máa ń fa wàhálà jù nígbà tí àjàkálẹ̀ àìsàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú: àìsàn wọ́pọ̀, ilé ìwòsàn ló ní orúkọ aláìsàn, kò sì sí ìwé tó ní orúkọ àwọn yòókù. OR á jáde, á tóbi, àwọn oníròyìn á sì fẹ́ mọ ìlọ́po mélòó. Èyí tí ẹ lè kọ láìṣini lọ́nà ni pé ọ́ọ̀dì jíjẹ oúnjẹ náà láàárín àwọn tó ṣàìsàn jẹ́ ìlọ́po 6 ti àwọn tí ara wọn le. Kò dùn létí bíi ti ewu, olóòtú lè ní kí ẹ tún un kọ, ó sì lè fi «ewu» rọ́pò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó bá yín wá P0, kí ẹ jọ ṣírò ó.